Wọn kò gba àbá iṣẹ́ mi: báwo ni mo ṣe lè fèsì láìfi ìkanra kankan hàn? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ iná sólà ni mo ń ṣe. Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, láti ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń kọ àbá iṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní pùròpósà, sí àwọn ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn ní Ifẹ̀, ní Iléṣà àti ní àwọn ìlú tó wà láàárín wọn. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ti bi mí ní àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Àbá kan ṣoṣo ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀: èyí tí mo kọ sí ilé-ìwé aládàáni kan ní Iléṣà, tí wọn kò gbà.

Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ kọ sí wọn?

Ẹni tó kọ lẹ́tà sí ọ pé wọn kò gba àbá rẹ kì í sábà jẹ́ ẹni tó dá ìpinnu náà ṣe. Ní ilé-ìwé, akápò tàbí akọ̀wé ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́ yìí lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá ti jókòó tán, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó dùn mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé o wá síbẹ̀, pé o gun àjà, pé o ka iye gílóòbù àti fáànù tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ tán, ó ń retí ọ̀kan nínú nǹkan méjì: kí o dákẹ́ lọ gbári, tàbí kí o pè é láti bá a ṣe àròyé. Lẹ́tà rẹ wà láti jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ, pé o gba ìpinnu náà bó ṣe wà, àti pé kò ní láti yà fún ọ bí ẹ bá pàdé ní ọjà tàbí níbi ayẹyẹ.

Ìdí mìíràn tún wà tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún lè má rí bátìrì rà ní iye tó kọ sílẹ̀, ó sì lè gba iṣẹ́ ju ohun tí agbára rẹ̀ ká lọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, fáìlì ni akápò yóò padà sí, yóò sì wo ẹni tó ṣe ìkejì. Lẹ́tà rẹ yóò wà nínú fáìlì yẹn pẹ̀lú àbá rẹ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má ṣe kọ ọ́ nítorí èyí nìkan, nítorí lẹ́tà tí ẹni tó kọ ọ́ ń retí kí iṣẹ́ ẹlòmíràn dàrú máa ń fi ara rẹ̀ hàn.

Ìgbà wo ló yẹ kí n fèsì?

Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dùn ọ́ púpọ̀, fèsì lọ́jọ́ kan náà. Bó bá dùn ọ́, sun oorun alẹ́ kan kí o tó kọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó kọjá ọjọ́ iṣẹ́ méjì, nítorí ìdákẹ́jẹ́ tó bá pẹ́ ti di èsì fúnra rẹ̀. Bí o bá ń kọ ọ́ sínú ímeèlì, fi àyè àdírẹ́sì ẹni tí o fẹ́ kọ ọ́ sí sílẹ̀ ní òfìfo títí tí o fi kà á tán lẹ́ẹ̀mejì, kí ọwọ́ rẹ má bàa ṣèèṣì tẹ ibi tí kò yẹ. Bó bá jẹ́ orí Wáàsáàpù ni wọ́n ti kọ̀wé sí ọ, ojú ọ̀sán ni kí o fèsì. Ọ̀rọ̀ tó bá wọlé ní aago mọ́kànlá alẹ́ ń sọ fún ẹni tó gbà á pé o kò rí oorun sùn nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o bá sì kọ tí o tún pa rẹ́ máa ń fi àmì sílẹ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, ẹni tó rí àmì náà yóò sì fi ọkàn ara rẹ̀ kọ ohun tó rò pé o sọ, èyí tó lè burú ju ohun tí o kọ gan-an lọ.

N kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣe irú èsì yìí. Ohùn máa ń wá rìrì níbi tí ìwé ti lè dúró ṣinṣin.

Ṣé o lè fi lẹ́tà tó ní ìkanra nínú hàn wá, kí a lè mọ bó ṣe rí?

Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fi ránṣẹ́. Ilé-ìwé Iléṣà tí mo sọ yìí fẹ́ iná sólà fún ọ́fíìsì wọn àti yàrá kọ̀ǹpútà. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti wọn bí iná tí wọ́n ń lò ṣe pọ̀ tó, mo sì kọ àbá tó ní ínfátà 5 kVA, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó lè gba 10 kWh, àti páànẹ́ẹ̀lì méjìlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akápò wọn kọ gbólóhùn mẹ́ta péré sí mi: wọ́n dúpẹ́ fún àbá mi, ìgbìmọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kò burú. Mo rí lẹ́tà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yà mí lẹ́nu lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí mo ṣe láti wá sí Iléṣà lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dára fún ilé-ìwé yín. Àdúrà mi ni pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ kábàámọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ojúlówó ọjà, ẹ mọ nọ́ńbà mi."

Kò sí èébú kan nínú rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa lè kà á kó sì rò pé ọmọlúwàbí ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí akápò náà kò ní gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Kò burú" ni àkọ́kọ́. Lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé nǹkan dára. Ẹni tí a ṣẹ̀, tó sì ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ló máa ń sọ ọ́. "Gbogbo wàhálà tí mo ṣe" jẹ́ ìwé owó tí mo ń gbé síwájú ẹni tí kò jẹ mí ní gbèsè, nítorí kò sí ẹni tó ṣèlérí iṣẹ́ fún mi nígbà tí mo ń lọ wọn iná. "Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dára fún ilé-ìwé yín" ń sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n.

Àdúrà náà ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Yorùbá ka àdúrà sí ẹ̀bùn, ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ìkanra pamọ́ sínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o kábàámọ̀ túmọ̀ sí pé èmi ti rí àbámọ̀ tó ń bọ̀. Akápò náà kò lè kọ̀ láti ṣe àmín, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣe é tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo dé "ojúlówó ọjà", mo ti pe ọjà ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ní ayédèrú, mo sì tún ti sọ fún ìgbìmọ̀ náà pé ojú wọn kò ríran.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wo ló yẹ kí n ṣọ́ra fún?

Òwe ni. Mo fẹ́ràn òwe gan-an, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yìí n kì í lo ọ̀kankan, nítorí ẹni tó bá ń ka lẹ́tà ẹni tí wọn kò gba àbá rẹ̀ ti ń wá ibi tí a ti pa á lówe, òwe tí kò ní ìpalára kankan nínú sì lè di ọfà lójú rẹ̀. "Ẹ ṣeun náà ni" kò dà bí "ẹ ṣeun": "náà ni" yẹn ti fi ìfà sẹ́yìn kún un. "Mo gbà fún Ọlọ́run" ń sọ pé ẹnì kan ṣe ohun tí Ọlọ́run nìkan ló lè gbẹ̀san rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí "ẹ" àti "o": bí o bá ti ń pe akápò ní "ẹ̀yin" láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá jẹ́ pé ọjọ́ tí wọn kò gba àbá rẹ ni o yí i sí "ìwọ" nítorí pé o jù ú lọ lọ́jọ́ orí, kò sí ohun tí o tún fẹ́ kọ tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Àṣejù ìyìn náà ń fi ìkanra hàn. Ẹni tó bá kọ pé inú òun dùn gidigidi pé wọn kò yan òun kò sọ òtítọ́, ẹni tó ń kà á sì mọ̀. O lè sọ pé o ti fẹ́ láti ṣe iṣẹ́ náà. Òtítọ́ kékeré yìí kò ní ìkanra nínú, bí o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré tí o sì kọjá lọ.

Báwo wá ni lẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ ṣe rí?

Ọjọ́ kejì ni mo kọ ọ́, lẹ́yìn tí mo ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ti rí lẹ́tà yín ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fi ìpinnu ìgbìmọ̀ tó mi létí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ láti ṣe ni, mo sì mọ rírì àyè tí ẹ fún mi láti wo ọ́fíìsì àti yàrá kọ̀ǹpútà yín, àti bí olùtọ́jú ọgbà ṣe fi sùúrù mú mi káàkiri. Ìwé ìwọ̀n iná tí mo fi sẹ́yìn àbá náà jẹ́ tiyín. Ẹ lè fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà bó bá wúlò fún un. Kí iṣẹ́ náà yọrí sí rere fún ilé-ìwé. Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, inú mi yóò dùn láti mọ ohun kan tí ìbá dára kí n ti ṣe lọ́nà mìíràn nínú àbá náà. Gbólóhùn kan ti tó."

Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí èsì sí ímeèlì tí òun fúnra rẹ̀ kọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè wà lójú kan. Òun nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí, n kò fi kún un fún olùdarí ilé-ìwé, nítorí bí mo bá fi kún un, yóò dà bí ẹni pé mo ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ohun pàtó ló gbé lẹ́tà náà dúró. Ẹnikẹ́ni lè kọ pé òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí olùtọ́jú ọgbà ń rántí ọjọ́ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú inú dídùn. Ní ti ìwé ìwọ̀n iná, mo rò ó dáadáa kí n tó fi sílẹ̀. Kì í ṣe dandan kí ìwọ náà fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé yóò dùn ọ́ tí o bá rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn, má ṣe fún wọn, nítorí ẹ̀bùn tí a bá fi tìpátìkúùkù ṣe yóò padà di àròyé lọ́jọ́ kan.

Ṣé ó yẹ kí n béèrè ìdí tí wọn kò fi yàn mí?

Ó yẹ, bí o bá lè gbọ́ ìdáhùn náà kí o má sì jà á níyàn. Ìbéèrè kan péré ni kí o bi wọ́n, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n lè fi gbólóhùn kan dáhùn. Bi wọ́n nípa àbá rẹ, má ṣe bi wọ́n nípa ti ẹni tí wọ́n yàn. "Eélòó ló pè é?" kì í ṣe ìbéèrè tó tọ́ sí wa, ó sì lè fi akápò sínú wàhálà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni akápò náà fèsì. Ó ní kò sẹ́ni tó bá iye owó mi wí. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni pé mo béèrè ìdá 70 nínú 100 owó náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn òbí bá san owó ilé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni owó máa ń wọlé fún wọn. Ẹni tí wọ́n gbé e fún gbà láti pín owó náà sí sáà mẹ́ta.

Ibí yìí ni ìdánwò gan-an wà, ó sì le ju lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ mi fẹ́ kọ ọ́ pé èmi náà ìbá ti gbà láti pín in bí wọ́n bá ti béèrè, àti pé àwọn tó ń ta bátìrì fún wa ní Èkó kì í gbé e sílẹ̀ láìgba owó. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́, mo ti sọ ìdáhùn tí mo fi ẹnu ara mi bẹ̀ fún di ẹjọ́, akápò náà kò sì ní dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn mọ́, fún èmi àti fún ẹlòmíràn. Ohun tí mo kọ ni: "Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ó yé mi, yóò sì wúlò fún mi." Ó parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ti ń kọ ọ̀nà méjì tí a lè gbà san owó sínú àbá tí mo bá kọ sí ilé-ìwé. Ilé-ìwé náà kò tíì fún mi ní iṣẹ́ kankan títí di òní.

Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, má ṣe bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣé n kò lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un rò, tàbí kí n dín owó mi kù?

Rárá. Àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gba orúkọ òṣómàáló nítorí pé bí wọ́n bá ta aṣọ láwìn, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n títí yóò fi san owó náà, mo sì mọ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó rò pé bó ṣe yẹ kí a máa wá iṣẹ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbèsè ni òṣómàáló ń gbà, aṣọ rẹ̀ sì ti wà lọ́rùn ẹni náà. Ilé-ìwé tí kò gba àbá rẹ kò mú nǹkan rẹ kankan. Bí o bá sì dín owó kù lẹ́yìn ìpinnu, o ti sọ fún wọn pé owó àkọ́kọ́ tí o pè kì í ṣe òtítọ́, wọn yóò sì máa ná ọ bẹ́ẹ̀ títí ayé.

Bí mo bá ní ìdí láti gbà pé wọ́n ṣe ojúsàájú ńkọ́?

Yà á sọ́tọ̀ pátápátá kúrò nínú lẹ́tà yìí. Ilé-ìwé aládàáni lómìnira láti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó wù ú. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, irú bíi Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ níhìn-ín, nítorí òfin ọdún 2007 tó de rírà ọjà àti gbígbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kàn wọ́n. Òfin náà sọ pé bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ bá béèrè, kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Bó bá sì ní ẹ̀sùn pé wọ́n tàpá sí òfin, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ 15, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn sí i, láti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń ṣàkóso owó ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá yẹn ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn, lẹ́yìn náà ni ẹni náà lè gbé e lọ sí àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10.

Ẹ̀tọ́ ni èyí, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di oníkanra. Ohun tí kò dára ni kí o kọ lẹ́tà ọpẹ́ kí o sì fi ẹ̀sùn sí ìpínrọ̀ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ni, kọ ẹ̀sùn: kí ló ṣẹlẹ̀, ọjọ́ wo, ibo ni òfin ti sọ ohun mìíràn. Bí o kò bá ní ju ìfura lọ, kọ lẹ́tà ọpẹ́ kí o sì béèrè àlàyé.

Ẹbí mi tàbí ọ̀rẹ́ mi ló mú mi dé ibẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Pè é kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí ó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ. Ó ṣeé ṣe kí ó bínú jù ọ́ lọ, kí ó ní òun yóò lọ bá wọn sọ ọ́. Bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Lẹ́tà rẹ lè dára bí oyin, bí àbúrò ìyá rẹ bá wá dé ọ́fíìsì akápò lọ́jọ́ kejì tó ń béèrè ohun tí ọmọ òun ṣe, ohùn tirẹ̀ ni wọn yóò gbọ́ nínú lẹ́tà náà.

Ṣọ́ra fún ohun tí o bá gbé sójú Wáàsáàpù rẹ lọ́sẹ̀ náà pẹ̀lú. Akápò náà ní nọ́ńbà rẹ lórí fóònù rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó kọ lẹ́tà tó dára ní òwúrọ̀, tó sì gbé ọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò mọ iyì ohun rere sójú Wáàsáàpù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ìgbà wo ni mo lè tún kọ̀wé sí wọn?

Nígbà tí o bá ní ohun tuntun tó kàn wọ́n gan-an. Bí wọ́n bá ń kọ́ ilé tuntun, tàbí tí wọ́n pe gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n mú àbá wá, kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ àbá fún ìgbà àkọ́kọ́, láìmẹ́nu kan èyí tó kọjá. Bí o bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí o sì rí páànẹ́ẹ̀lì ẹnì kejì lórí òrùlé wọn, má ṣe tọ́ka sí ibi tí igi ti ṣíji bò ó, àyàfi bí àwọn fúnra wọn bá bi ọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ fún wọn pé kí wọ́n gé ẹ̀ka igi náà, kí o sì padà sídìí ohun tó gbé ọ wá.